Ìpàdé Tí Àǹtí Jẹ́jẹ́ Fi Ìkíni Bò Mọ́lẹ̀

Bí ẹ bá wọ ilé ìtẹ̀wé wa, Àǹtí Jẹ́jẹ́ lẹ máa kọ́kọ́ rí. Tábìlì rẹ̀ ló kọjú sí ẹnu ọ̀nà, kọ̀ǹpútà wà lórí rẹ̀, abẹ́bẹ̀ oníná kékeré kan ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ẹ tó sọ ohun tí ẹ wá ṣe, á ti kí yín, á kí ẹni tó tẹ̀lé yín wá, á tún bèèrè ará ilé tí kò rí rí. A kò fún un lórúkọ yẹn láti fi bú u o. Jẹ́jẹ́ ló ń ṣe ohun gbogbo. Èmi fúnra mi ti rí i tó kúnlẹ̀ lórí fóònù. Ó ń bá oníbàárà kan sọ̀rọ̀, ó ní "Ẹ kú iṣẹ́, mà," orúnkún rẹ̀ sì kanlẹ̀ gbì. Mo ní, "Àǹtí, ṣé obìnrin yẹn ń rí ọ ni?" Ó ní, "Bí kò tilẹ̀ rí mi, ó máa gbọ́ ọ lóhùn mi."

Èmi ni mo wà nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lẹ́yìn. Ariwo ẹ̀rọ ti ba ohùn mi jẹ́. Ìyàwó mi ní tí mo bá ń kí èèyàn, ṣe ló dà bíi pé mo wá gba gbèsè. Nítorí náà, èmi kì í ṣe ẹni tó yẹ kó máa kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìwà. Ṣùgbọ́n èmi ni mo wà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tí ìkíni fẹ́ẹ̀ lé gbogbo wa síta, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ẹ máa kọ́kọ́ mọ bàbá tó bí Àǹtí Jẹ́jẹ́. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni bàbá yẹn títí tó fi fẹ̀yìn tì, ó sì máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ tí kò ní ìkíni, ẹrù tí kò ní òṣùká ni, orí ló ń dá lóró. Bí ọmọ rẹ̀ bá wọlé tó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́, á ní kó padà síta, kó tún wọlé bí ọmọ gidi. Lọ́jọ́ kan, ilé aládùúgbò wọn gbaná. Ọmọ yìí sáré wọlé, ó ní, "Bàbá, ilé ń jó!" Bàbá ní, "Padà síta." Ó padà síta, ó tún wọlé, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàsán, sà. Ẹ kú ìsinmi, sà. Ilé ń jó." Tó bá ń sọ ìtàn yìí, á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀, inú rẹ̀ á sì máa dùn sí bàbá rẹ̀ tó ti lọ. Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín. Mo máa ń bi í pé, "Kí ló wá ku nílé ọ̀hún?" Á ní aṣọ tó wà lórí okùn nìkan ló jó.

Ó dáa. Ilé tí a ti ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe ti ọ̀gá wa, obìnrin tó ni ilé ìtẹ̀wé náà. Bàbá Onílé ló ni ín, ọ̀gá àgbà iléèwé ni nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀. Àdéhùn ilé ń parí lọ ní òpin oṣù yẹn, ọkùnrin kan tó ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò sì ti ń lọ bá bàbá pé kó fún òun, òun fẹ́ sọ ọ́ di ilé ìkẹ́rù. Ẹ má rò pé a kàn lè kó ẹrù lọ síbòmíràn. Àwọn ẹ̀rọ wa, a ti fi irin kàn wọ́n mọ́ ilẹ̀. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, bí ẹ bá ṣí i nídìí, kò ní tún ṣiṣẹ́ mọ́. Bí a bá pàdánù ilé yẹn, ilé ìtẹ̀wé ti kú nìyẹn, èmi àti Àǹtí Jẹ́jẹ́ á sì máa wáṣẹ́ kiri. Èmi ní ọmọ mẹ́ta. Òun ní ìyá tí kò lè dìde lórí ibùsùn.

Bàbá Onílé kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa pariwo mọ́ òun lórí fóònù. Ó ti sọ fún gbogbo ayé pé bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀, ẹ kọ ọ́ sí òun ní ímeèlì, òun á kà á lórí fóònù òun. A ti fi ìpàdé sí ọjọ́ kan tẹ́lẹ̀. Nígbà tó ku ọ̀la, oníbàárà ńlá kan dé bá ọ̀gá wa lójijì. Ọ̀gá mú fóònù nínú mọ́tò, ó tẹ̀ ẹ́ pé, "Ọ̀la ò ní ṣeé ṣe. Màá kàn sí yín." Ó tán. Kò sí ẹ kú, kò sí ẹ jọ̀ọ́, kò sí ọjọ́ míì. Bàbá fèsì pé, "Mo ti gbọ́." Ọ̀gá ní, "Ṣé ẹ rí i? Bàbá ò bínú." Àǹtí Jẹ́jẹ́ wò mí, èmi náà wò ó. Àwa tí a mọ àgbà mọ̀ pé "mo ti gbọ́" yẹn, ìbínú ni. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá kó tó gbà kí a tún fi ìpàdé sí Ọjọ́bọ̀ kan, aago mẹ́wàá àárọ̀, nínú ọ́fíìsì wa.

Ìyẹn ni pé ọ̀gá ti yẹ ìpàdé kan. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ yẹ èkejì.

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, ọ̀gá wa yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀, egungun ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́. Ọkọ rẹ̀ ló pè wá láti ọsibítù. Ó ní wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un láàárọ̀ ọ̀la. Ọ̀gá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ìrora wà lóhùn rẹ̀, ó ní, "Jẹ́jẹ́, kọ̀wé sí bàbá. Bẹ̀ ẹ́ dáadáa o. Má kọ ọ́ bí mo ṣe kọ ọ́ nígbà yẹn." Ó pa fóònù.

Háà, ọ̀gá mi! Ta lẹ ń sọ fún pé kó bẹ èèyàn dáadáa?

Láti ìgbà náà, mi ò gbádùn mọ́. Mo ń ṣiṣẹ́, mo ń yọjú. Àǹtí Jẹ́jẹ́ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó ń fi ìka méjì nu ètè rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe tí ẹ̀rù bá ń bà á. Ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́. Ó tún kọ ọ́. Ó pè mí, ó ní, "Jọ̀ọ́, wá wò ó. Kí ni kí n kọ sí àkòrí?" Mo ní, "Kọ ọ́ pé ìpàdé ọ̀la kò ní wáyé." Ó ní, "Kí n kó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lu àgbàlagbà lójú? Kó kàn ṣí fóònù kó bá a níbẹ̀ gbàgà? Ojú lọ̀rọ̀ wà, òun kò sì rí ojú mi." Mo ní kó ṣe bó ṣe mọ̀, ẹ̀rọ mi ń pè mí.

Nígbà tí mo padà dé, ó ti tẹ̀ ẹ́ lọ. Mo ní, "Ó ti fèsì?" Ó ní rárá. Nígbà tí a ń tìlẹ̀kùn, mo tún bi í. Ó ní, "Àgbà kì í kánjú fèsì."

Mo ní, "Jẹ́ kí n gun alùpùpù lọ bá a. Tàbí kí o pe ọmọbìnrin rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ wa."

Ó ní, "Kí bàbá lè sọ pé a rò pé òun ò mọ ìwé kà? Kí n pe ọmọ lé bàbá lórí? Ẹ̀gàn nìyẹn, bùrọ̀dá mi." Ó ní kí n fọkàn balẹ̀.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ìkùukùu bo ojú ọ̀run, bàbá kò tíì fèsì. Àǹtí ń ṣí ímeèlì, ó ń tì í, ó tún ń ṣí i. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ da yíǹkì sínú ẹ̀rọ ni mo gbọ́ ọ̀pá, kò, kò, kò, lórí àtẹ̀gùn ìta. Àtẹ̀gùn yẹn ga, èmi gan-an máa ń mí gúlegúle níbẹ̀. Mo yọjú. Bàbá Onílé ni! Ó wọ kóòtù, ó so táì, ó gbé àpò aláwọ kan mọ́ àyà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wá èémí.

Àǹtí Jẹ́jẹ́ dìde, ó kúnlẹ̀, kò sì rí ọ̀rọ̀ kankan sọ. Àǹtí Jẹ́jẹ́ o! Mo gbé àga fún bàbá.

Bàbá ní, "Ẹ ǹlẹ́ o. Ọ̀gá yín dà?"

Mo ké sí i létí pé, "Wọ́n wà ní ọsibítù, sà! Ẹsẹ̀ wọn ṣẹ́!"

"Ẹsẹ̀ wọn kí ni? Láti ìgbà wo? Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi?"

Àǹtí ní, "Mo kọ̀wé sí yín, sà. Lánàá." Ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa, èmi ni mo tún un sọ fún bàbá.

Bàbá yọ fóònù, ó fà á jìnnà sí ojú. Ó ní, "Mo rí ìwé rẹ. 'Ìkíni' lo kọ sí i lórí. Inú mi dùn. Mo sọ fún ọmọ mi pé, ṣé o rí i, ọmọ tó wà níbi tí mò ń lọ lọ́la ti ń kí mi. Mo ní màá kà á tán tí mo bá ti ibẹ̀ dé." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè, bí ìgbà tó wà níwájú kíláàsì. "Ẹ kú ọ̀sán, sà. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ara ńkọ́, sà? Mo gbà pé orúnkún tó ń dùn yín ti fúyẹ́. Àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ọmọ ńkọ́? Ẹ kú ojú ọjọ́ yìí…" Ó fi ìka yí i sókè. Ó tún yí i sókè. Èmi ń wo Àǹtí, ọrùn rẹ̀ ti wọnú èjìká. Bàbá dé ìsàlẹ̀ pátápátá: "Ní ti ọ̀rọ̀ ọ̀la, sà, ó dà bíi pé àwọn nǹkan kan lè má rí bí a ṣe rò ó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí wa."

Abẹ́bẹ̀ nìkan ló ń ké.

Bàbá ní, "Kí ni àwọn nǹkan kan? Ibo lo ti sọ pé kí n má wá?" Ó gbé ọ̀pá rẹ̀. "Ọ̀gá rẹ kọ̀wé sí mi bí ẹni tó ń lé adìyẹ. Ìwọ fi ìkíni bo ojú mi títí mo fi gun àtẹ̀gùn yìí. Ọlọ́tí ẹlẹ́rìndòdò yẹn kì í kọ̀wé, ṣùgbọ́n tó bá ní òun ń bọ̀, ó ń bọ̀." Ó ń sọ̀ kalẹ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú títí mo fi bá a dá táásì dúró.

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Mo ti gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, àárọ̀ ọjọ́ náà ni mo rí i pé ó kan ìwà rere náà.

Nígbà tí mo gòkè padà, Àǹtí Jẹ́jẹ́ ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún. Ó ní òun ti ba iṣẹ́ gbogbo wa jẹ́. Ó ní òun bọ̀wọ̀ fún bàbá ni, ọ̀wọ̀ yẹn náà ló wá já sí ìyà fún un. Inú bí mi, àánú rẹ̀ sì ṣe mí, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù. Mo ní, "Dìde. Tún un kọ."

"Kí ni mo tún fẹ́ kọ?"

"Ohun tó ṣẹlẹ̀! Bẹ̀rẹ̀ láti orí!"

Ó kọ́kọ́ pe ọkọ ọ̀gá. Ó ní òun kò lè bẹ bàbá fún ọjọ́ tí òun kò mọ̀ bóyá ó máa ṣeé ṣe, nítorí ẹ̀ẹ̀kẹta tí a bá yẹ̀ ẹ́, ó ti tán nìyẹn. Ọkọ ọ̀gá ní ọ̀gá ṣì wà níbi iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n dókítà ti sọ pé kò ní lè gun àtẹ̀gùn fún ìgbà pípẹ́. Ó ní òun fúnra òun máa ráyè lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òun lè lọ dípò ìyàwó òun. Ó dáa. Ọjọ́ méjì ti wà lọ́wọ́.

Àǹtí jókòó, ó gbé ìka sórí lẹ́tà. "Ẹ kú ọ̀sán, sà. Ẹ kú ìrìn. Ẹ kú wàhálà àárọ̀. Ẹ kú…"

Mo pariwo, "Ó tún ti dé o!"

Ó yíjú sí mi, omi ṣì wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n inú ti bí òun náà. "Mi ò lè ṣe é! Ó dà bíi pé mò ń pàṣẹ fún un! Kí n kàn gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ níwájú bàbá bí ẹni tí wọn ò tọ́?"

Mo ní, "Àǹtí, ilé ń jó."

Ó gbé ìka kúrò lórí lẹ́tà.

Mo ní, "Lọ́jọ́ yẹn, aṣọ ló jó. Tòní, àwa ni."

Ó yíjú sí kọ̀ǹpútà. Ó wá pa ohun tó ti kọ rẹ́, ó kọ àkòrí ṣáájú, ó sì tẹ ìyókù láìgbórí sókè. Nígbà tó parí, ó ní kí n wá kà á:

Àkòrí: Ìpàdé òní tí kò wáyé: ẹ̀bi mi ni, a ń bẹ̀bẹ̀ fún ọjọ́ míì

"Ẹ kú ọ̀sán, sà.

Ọ̀gá wa ṣubú lánàá, ẹsẹ̀ wọn ṣẹ́, àárọ̀ yìí sì ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi bá wọn. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ ní ìlà àkọ́kọ́ ìwé tí mo kọ sí yín lánàá. Mi ò sọ ọ́, ẹ sì gun àtẹ̀gùn lásán. Ẹ má bínú, sà.

A ṣì fẹ́ ilé yín. Ṣé ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ máa rọ̀ yín lọ́rùn? A ó wá bá yín nílé ní aago tó bá wù yín. Bí ọ̀gá wa kò bá lè rìn, ọkọ wọn á wá dípò wọn. Bí ọjọ́ méjèèjì kò bá dáa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú èyí tó tẹ́ yín lọ́rùn.

Màá pe ọmọbìnrin yín nírọ̀lẹ́ kí n lè mọ̀ pé ìwé yìí dé ọwọ́ yín."

Orúkọ rẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Ó tán.

Mo ní, "Tẹ̀ ẹ́." Ó ní kí n jẹ́ kí òun fi ẹ kú kan péré kún un. Mo ní rárá. Ó di ojú méjèèjì, ó tẹ̀ ẹ́.

Nírọ̀lẹ́, ó pe ọmọbìnrin bàbá lóòótọ́. Ìyẹn ní bàbá ti kà á. Ó ní ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbé fóònù dojú bolẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Ẹ ò rí nǹkan! Kí lèèyàn fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi bi mí kí ló dé. Mo ń wo àwọn ọmọ.

Ọjọ́ Ẹtì, mo dé ibi iṣẹ́ bá Àǹtí Jẹ́jẹ́ lórí ìdúró. Kò jókòó. Ó nàka sí kọ̀ǹpútà bí ẹni tó rí ejò. Bàbá ti fèsì.

Àkòrí rẹ̀: "Ìkíni."

Ó ní, "Mi ò lè ṣí i. Ìwọ ni kí o ṣí i. Ó fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ kó tó lé wa jáde ni." Mo fi aṣọ nu yíǹkì ọwọ́ mi, mo ṣí i, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè.

"Ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú ojú lọ́nà. Ìyá rẹ ńkọ́? Ṣé ó jí dáadáa? Ọ̀gbẹ́ni onípariwo tó wà nídìí ẹ̀rọ ńkọ́? Ṣé yíǹkì kò tíì wọ ojú rẹ̀? Ẹ̀rọ náà ńkọ́? Àtẹ̀gùn ńkọ́? Abẹ́bẹ̀ tó ń ké ńkọ́?" Mo yí i sókè. Ìkíni ṣì ni. Ó kí tábìlì. Ó kí àga tó jókòó sí. Àǹtí di etí tábìlì mú, ó ní, "Ìsàlẹ̀, jọ̀ọ́, lọ sísàlẹ̀!" Mo yí i, mo yí i, títí mo fi débẹ̀.

"Ní báyìí tí ìwọ náà ti mọ bó ṣe ń rí lára: mo ti sọ fún ọlọ́tí ẹlẹ́rìndòdò pé kó wá ilé míì. Ẹni tó bá lè kọ irú ìwé tí o kọ lánàá nígbà tó jẹ̀bi, mo lè bá a gbé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́wàá, nílé mi. Kí ọ̀gá yín sinmi, kí ọkọ rẹ̀ dúró tì í. Ìwọ ni kí o mú ìwé àdéhùn wá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí o kí mi."

Mo yíjú láti bá a yọ̀. Àǹtí Jẹ́jẹ́ ti wà lórí orúnkún, níwájú kọ̀ǹpútà, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì, mi ò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín. Ó dìde. Ó fa àga, ó jókòó, ó nu ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fèsì. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mò ń ṣọ́ ọ bí ọlọ́pàá.

Àkòrí ló kọ́kọ́ kọ. Ó kọ ọ́ pé: "Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́wàá, sà."